Sọ́rì Wo Lẹ Ń Wí?

"Kí ni Yorùbá ń pe sọ́rì?" Ẹni tó bá ń túmọ̀ èdè kò lè ṣe kó má gbọ́ ìbéèrè yìí. Ó lè wá láti ẹnu ọ̀rẹ́ tó ń kọ káàdì, ó sì lè wá nínú fáìlì tí ilé iṣẹ́ kan fi ránṣẹ́: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tò sí apá òsì, apá ọ̀tún ṣófo, wọ́n sì ní kí olùtúmọ̀ kọ Yorùbá rẹ̀ síbẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Sọ́rì wà lórí ìlà kan, fáìn wà lórí ìkejì, ráìtì wà nísàlẹ̀ wọn. Ẹni tó kó wọn jọ máa ń rò pé ibi tó rọrùn nìyẹn nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé wọ́n kúrú. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ wò ó nínú èdè tiwa ná. Bí ẹnì kan bá kọ "ogun" sórí pépà láìfi àmì sí i, tó ní kí ẹ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó béèrè pé: ogun tí wọ́n ń jà ni, àbí Ògún onírin, àbí ogún tí bàbá fi sílẹ̀? Àmì ohùn á tú díẹ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ogún tí wọ́n ń pín àti ogún tí wọ́n ń kà kò yàtọ̀ lójú ìwé, kódà pẹ̀lú àmì. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà ká ló máa yanjú rẹ̀: ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún, ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àmì ohùn bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí náà àyíká ọ̀rọ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù náà. Bí wọ́n bá ti gé àyíká yẹn dànù, olùtúmọ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dójú àmì kò mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sọ́rì, torí òun ló le jù fún àwa Yorùbá. A kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dúró fún un, nítorí pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ níbẹ̀, àwa yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó ṣẹ ènìyàn ń sọ pé "má bínú". Ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tó kàn rí i pé nǹkan ṣe ẹnì kejì, ń sọ pé "pẹ̀lẹ́". Lóòótọ́, ẹni tó tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀ lè sọ méjèèjì pọ̀, pẹ̀lẹ́ fún ìrora, má bínú fún ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n "má bínú" ń gba ẹ̀bi, "pẹ̀lẹ́" nìkan kò gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùtúmọ̀ gbọ́dọ̀ yanjú ni pé: kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló sì fà á?

Ìbéèrè kejì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: Gẹ̀ẹ́sì ta ni? Ní Nàìjíríà, pẹ̀lẹ́ ti wọ inú sọ́rì lọ. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ lódìkejì títì, a ó ké sọ́rì sí i, bẹ́ẹ̀ a kò sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí aláwọ̀ funfun fi wò wọ́n tìyanutìyanu, tó ní kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Nítorí náà, bí ọmọ Nàìjíríà bá ló kọ ìwé eré náà, sọ́rì inú rẹ̀ lè jẹ́ pẹ̀lẹ́ tààrà. Bí òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù bá ló kọ ọ́, sọ́rì tí ẹnì kan sọ lójú ọ̀nà sábà máa ń tọ́ka sí ohun tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà kan náà ni, ìwà méjì ni.

Ká mú un bí iṣẹ́ gidi. Ká ní wọ́n gbé fíìmù kan tí wọ́n yà ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún yín, kí ẹ kọ Yorùbá tí yóò máa hàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ kì í ṣe fíìmù, fáìlì lásán ni. Bí ìlà kan nínú rẹ̀ ṣe rí nìyí:

```
214
00:18:06,300 --> 00:18:07,100
Sorry?
```

Nọ́ńbà ìlà ló wà lókè. Àsìkò tí ọ̀rọ̀ yóò yọ lójú fíìmù àti àsìkò tí yóò kúrò ló tẹ̀ lé e: wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, àti ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn kọ́mà. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn. Kò sí orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kò sí ọjọ́ orí rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ó ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ti wù kó rí, ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí nǹkan méjì kó tó béèrè ohunkóhun. Àmì ìbéèrè wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́nu. Sọ́rì oníbèéèrè kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ rárá. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ló ń sọ ọ́. Ká ní nọ́ọ̀sì ló wà lórí fóònù, tí ẹni tó pè é ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Yorùbá rẹ̀ ni "Kí lẹ wí?" Ó kúrú, ojú á kà á tán kó tó lọ. Bí ẹ bá kọ "Ẹ má bínú" síbẹ̀, òǹwòran á máa wá ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe.

Nínú fíìmù kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sáré lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi èjìká gbún ìyá àgbàlagbà kan, ó ké sọ́rì, kò dúró. "Ẹ má bínú, mà!" lèyí. Kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìbéèrè tuntun ti wọlé, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kì í bi ẹni tó ń sọ ọ́: ta ló dàgbà ju ta lọ? Ọmọ Yorùbá kò lè la ẹnu láti tọrọ àforíjì kó má yàn láàárín "má bínú" àti "ẹ má bínú". Bí olùtúmọ̀ kò bá mọ ọjọ́ orí àwọn méjèèjì, tó sì gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí òǹkọ̀wé fẹ́ kó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú gbogbo wa.

Ibi tó tẹ̀ lé e ló nira jù. Dókítà jáde, ó sọ fún ìyàwó ọkùnrin kan pé ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi sọ́rì parí rẹ̀. "Ẹ má bínú" níbẹ̀ jẹ́ àṣìṣe ńlá, nítorí létí Yorùbá ó dà bíi pé dókítà gbà pé òun ló pa á. Olùtúmọ̀ lè sáré lọ mú ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ tó mọ̀. Kó dúró ná. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" jẹ́ ti òkú àgbà tó fi ọmọ sáyé lọ. A kì í kí opó ọkùnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún bẹ́ẹ̀. "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù" dára, ṣùgbọ́n ẹnu àlejò tó wá báni kẹ́dùn ló ti dùn, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń gbé ìròyìn náà kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Èrò tèmi ni pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ mú ọkàn le" ló bá dókítà mu. Kí ẹ sì kíyè sí ohun tó gbà ká tó dé ibẹ̀: ẹni tó kú, ọjọ́ orí rẹ̀, ipò ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àti bí ikú náà ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ tó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú fáìlì.

Opó yìí padà délé, ó jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, inú rẹ̀ bàjẹ́ sí ohun tó ṣe, ó fà á mọ́ra, ó ní sọ́rì. Ìyá ló ṣẹ ọmọ, nítorí náà òfin tí a fi bẹ̀rẹ̀ á ní kí ó sọ pé "má bínú". Ó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi" ni ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá máa sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, torí ó ń tù ú nínú, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olùtúmọ̀ bá sì fi "ẹ" sí i nítorí pé ó ti pinnu láti máa lo "ẹ" níbi gbogbo kó má bàa ṣìṣe, ìyá á dà bí ẹni tó ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Sọ́rì mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n olóògbé dé lẹ́yìn àsìkò àbẹ̀wò, ó ní òun fẹ́ wọlé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi orí, ó ní sọ́rì, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ pé wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Tí ẹ bá fi "Ẹ má bínú" nìkan sílẹ̀, Yorùbá á ṣì máa dúró de ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ó yẹ kí ẹ sọ rárá náà síta: "Ẹ má bínú, sà, kò ṣeé ṣe."

Èsì ni mo fi ń mọ̀ bóyá mo gbà á. Ìlà tó tẹ̀ lé sọ́rì ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Nínú eré Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan lè sọ pé sọ́rì nítorí ikú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ náà dáhùn pé ìwọ kọ́ lo fà á. Ìdáhùn yẹn ń fi sọ́rì ẹ̀bi dá sọ́rì àánú lóhùn. Nígbà tí àkọ́kọ́ ti di "pẹ̀lẹ́" ní Yorùbá, "ìwọ kọ́ lo fà á" kò ní ibi tó máa dúró mọ́, nítorí ta ló sọ pé òun fà á? Ẹ ní láti yí èsì náà padà, bóyá sí "O ṣé", kí ọ̀rọ̀ lè lọ. Ẹni tí wọ́n fún ní ìlà kan láìsí èyí tó tẹ̀ lé e kò lè mọ̀ pé irú ìdẹkùn bẹ́ẹ̀ wà.

Fáìn kò fi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ. Òun ló dára jù láti fi mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di ìhòòhò, torí kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ fi àyíká rẹ̀ pamọ́. Àwọn tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú ẹ̀rọ wà káàkiri inú iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń fa gbogbo rẹ̀ yọ sínú fáìlì kan, kí olùtúmọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tó kù. Ọ̀kan lára irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún èyí ni gettext, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò. Nínú fáìlì rẹ̀, `msgid` ni Gẹ̀ẹ́sì, `msgstr` ni ibi tí olùtúmọ̀ yóò kọ èdè tirẹ̀ sí:

```
msgid "Fine"
msgstr ""
```

Ká ní ètò ilé ìkàwé ló ni fáìlì yìí. Fáìn wà ní ibi méjì nínú rẹ̀. Ní ojúewé ẹni tó yá ìwé, ó jẹ́ owó tí wọ́n bù lé e nítorí pé kò dá ìwé padà lọ́jọ́ tó yẹ. Ní ojúewé ìwé fúnra rẹ̀, ó ń sọ bí ìwé náà ṣe rí. Àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìpele tí wọ́n fi ń ka ìwé sí, fáìn sì wà lókè nínú rẹ̀: ìwé tí kò ya, tí kò lábàwọ́n, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ náà rí i pé lẹ́tà méjèèjì jọra, ó sì kó wọn pọ̀ sójú kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni olùtúmọ̀ máa rí i, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kọ ọ́, ohun tó bá sì kọ á lọ sí ibi méjèèjì. Bó bá kọ "Dáadáa ni", ẹni tó jẹ gbèsè á ṣí ojúewé rẹ̀, á rí "Dáadáa ni" pẹ̀lú iye náírà níwájú rẹ̀. Bó bá kọ "Owó ìtanràn", gbogbo ìwé tó mọ́ tónítóní nínú ilé ìkàwé náà á máa jẹ owó ìtanràn.

Kò sí ìtumọ̀ kan tó lè wo àìsàn yìí sàn. Inú fáìlì ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Láti ọdún 2006, nígbà tí gettext ẹ̀dà 0.15 jáde, ẹni tó ń ṣe ètò ti lè fi ìlà kan kún un tí wọ́n ń pè ní `msgctxt`, tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Irinṣẹ́ á wá ya méjèèjì sọ́tọ̀:

```
msgctxt "money owed"
msgid "Fine"
msgstr "Owó ìtanràn"

msgctxt "book condition"
msgid "Fine"
msgstr "Ó ṣì dà bíi tuntun"
```

Olùtúmọ̀ kò lè fi ìlà yìí sí i fúnra rẹ̀, nítorí inú iṣẹ́ ẹni tó ṣe ètò ló ti ń wá. Ó lè béèrè fún un, kó sì sọ ìdí. Mo ti rí i pé wọ́n máa ń gbọ́ nígbà tí ènìyàn bá fi àpẹẹrẹ "gbogbo ìwé ló jẹ owó ìtanràn" hàn wọ́n. Bí ẹ bá kàn sọ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ púpọ̀, wọ́n á ní kí ẹ yan èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Lẹ́nu ènìyàn, fáìn tún ní ti ohùn nínú. Ìdáhùn sí ìkíni ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́ni nílé ìwé, ìyẹn "Dáadáa ni" tàbí "A dúpẹ́", bí wọ́n bá ṣe kíni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ti bá ọkọ ṣe àríyànjiyàn fún ìdajì wákàtí, tó wá sọ fáìn, tó sì kọ ẹ̀yìn sí i, kò sọ pé nǹkan dára. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣe bó ṣe wù yín" lohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bó bá jẹ́ ẹni tó ń fi "ẹ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà ní láti jẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ìdílé náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgboro Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀, fáìn lè jẹ́ ẹwà: ọmọbìnrin tí wọ́n pè ní fáìn, arẹwà ni wọ́n pè é. Lórí àpò èlùbọ́, kíkúnná ni. Mi ò ní í ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ráìtì pín sí ọ̀nà tó yàtọ̀ síra pátápátá. Ọ̀tún ni, títọ́ ni, ẹ̀tọ́ ni. Ẹ̀tọ́ ló wà nínú Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1948, kò sì sí ẹni tó máa kọ ọ̀tún síbẹ̀, nítorí gbólóhùn wà yí i ká. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá ráìtì pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n odidi ẹsẹ ló wà níwájú wọn, wọn ò sì ṣi ọwọ́ ọ̀tún mú fún òdodo. Ìgbà tí ráìtì bá wà lórí bọ́tìnì ni wàhálà ń dé. Lórí máàpù fóònù, ó lè jẹ́ àṣẹ, "Yà sí ọ̀tún". Lára ohun tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ orin, àmì lásán ni, "Ọ̀tún". Nínú eré ìbéèrè àti ìdáhùn, tí ọmọ bá mú ìdáhùn tó yẹ, "O gbà á!" lohun tí ọmọ Yorùbá máa ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́. Bí olùkọ́ bá pa ọwọ́ pọ̀, tó ní ráìtì, kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, "Ó yá" nìyẹn. Ìbéèrè tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ rọrùn: ṣé orúkọ nǹkan ni, ṣé àṣẹ ni, ṣé ìdájọ́ ni, àbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?

Èyí tó burú jù nínú ráìtì ni èyí tó ń wá lẹ́yìn ìbéèrè tí "kò" wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e yẹ̀ wò dáadáa, torí ó lè pa ènìyàn lára. Bí wọ́n bá bi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé kò tíì sanwó, tí kò sì tíì san án, rárá ló máa sọ, torí owó ló ń dáhùn lórí rẹ̀. Yorùbá ń dáhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè. "Ẹ ò tíì sanwó, àbí?" "Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì san án." Ẹni tó ti sanwó ló máa sọ pé "Rárá, mo ti san án." Méjèèjì bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n wọ́n kọjú síra wọn. Nígbà tí wọ́n bá fún olùtúmọ̀ ní ìbéèrè lórí ìlà kan, tí wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀ ni àti rárá lórí ìlà méjì mìíràn níbi tó jìnnà, ó máa túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa, bọ́tìnì á sì máa purọ́.

Ẹ ronú nípa rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin bóyá ó lóyún kí wọ́n tó tan ìtànṣán sí i, nítorí ọmọ inú. Bí ìbéèrè orí ẹ̀rọ bá sọ pé "Ẹ ò lóyún, àbí?", aboyún tó gbọ́ Yorùbá dáadáa á tẹ "Rárá", tó túmọ̀ sí pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo lóyún. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí oyún. Kò sí ọ̀rọ̀ tí olùtúmọ̀ lè kọ sórí bọ́tìnì méjì yẹn kó tún un ṣe bí ìbéèrè bá ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ó ní láti yí ìbéèrè padà sí "Ṣé ẹ lóyún?", tàbí kó kọ odidi gbólóhùn sórí bọ́tìnì: "Mo lóyún" àti "Mi ò lóyún". Èmi fara mọ́ ti odidi gbólóhùn, bí àyè bá gbà á, torí bí ẹlòmíràn bá tún ìbéèrè náà kọ lọ́la, ìdáhùn kò ní yí padà.

Báwo ni olùtúmọ̀ ṣe máa béèrè? Bó bá kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Ajé lórí sọ́rì, tó kọ òmíràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lórí fáìn, kò ní pẹ́ tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un fi máa dákẹ́. Ó sàn kó ka fáìlì náà tán ná, kó fa gbogbo ìlà tí kò ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ yọ, kó sì kọ ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó fẹ́ mọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: ta ló ń sọ ọ́ fún ta, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́, kí ló máa tẹ̀ lé e, ibo ló sì máa hàn. Kó kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá máa fi lóye ìdí tó fi ń béèrè. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí: "Ní ìlà 40, ṣé ilé iṣẹ́ yín ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà, àbí ẹ kàn ń bá a kẹ́dùn? Ọ̀rọ̀ méjì ni fún wa, bí ẹ bá sì fi ti ìbákẹ́dùn sí ibi tí owó oníbàárà ti há, ó máa dà bíi pé ẹ̀bi yín kọ́." Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń rí èsì.

Nígbà mìíràn èsì kì í wá. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti gba fáìlì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Níbẹ̀, ohun tí mo gbà ni kí ènìyàn yan èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kó sì kọ àkíyèsí sí i pé òun yàn án láìrí àyíká. Fún sọ́rì orí áàpù, "A tọrọ àforíjì" máa ń gba ènìyàn là, torí "àforíjì" kò bi wá pé ṣé ọmọdé ni tàbí àgbà. Ó le díẹ̀ létí, kò sì yẹ lẹ́nu ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó bá a mu.

Ewu kan tún wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ètò tí àwọn olùtúmọ̀ ń lò máa ń rántí iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, bí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ bá sì tún yọjú, á fi ìtumọ̀ ti àná síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún gbólóhùn gígùn, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Fún ọ̀rọ̀ kan, ìpalára ni, nítorí "pẹ̀lẹ́" ti fíìmù àná á bọ́ sínú ètò báńkì lónìí, á sì ní àmì pé ó bá a mu pátápátá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùtúmọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ wo gbogbo ìlà kúkúrú tí ètò náà bá kọ fún un.

Ìwé ìtumọ̀ nìkan kò tó fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Nínú tábìlì, "Dáadáa ni" níwájú fáìn kò ní àbùkù kankan, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò á fọwọ́ sí i. Ojú ẹ̀rọ gan-an ni àṣìṣe náà ti ń hàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náírà. Ti fíìmù, ẹni méjì ló yẹ kó kà á sókè, kí ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀, kí ìkejì dá a lóhùn. Bí ẹni tó ń dáhùn bá ti dúró, tó ní kí lẹ ní kí n wí sí èyí, ẹ padà sí ìlà tó ṣáájú.

Ẹ̀yin tó ń gbé irú iṣẹ́ yìí jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán ojú ẹ̀rọ níbi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti hàn, kí ẹ fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì. Bó bá jẹ́ fíìmù ni, ẹ fi fíìmù fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ẹ sì fi àkókò ìbéèrè kún owó tí ẹ ń san, torí wákàtí tí olùtúmọ̀ fi ń béèrè jẹ́ ara iṣẹ́ náà.